Bí ará Róòmù ṣe gbé omi kọjá àfonífojì láìlo ẹ̀rọ

Ẹni tó bá ń gbé Odòde mọ̀ pé tí òjò bá ti rọ̀ sórí òkè Ìdànrè, omi kì í wá ẹ̀rọ kó tó sọ̀kalẹ̀ wá bá wa. Ṣùgbọ́n tí ibi tí ẹ ti fẹ́ lo omi bá jìnnà, tí àfonífojì sì wà láàrin ńkọ́?

Ohun tó dojú kọ àwọn ará Róòmù nìyẹn ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, ní ìlú Níìmù, lórílẹ̀-èdè Faransé. Orísun omi tí wọ́n rí wà ní Úsẹ́ẹ̀sì. Tí ẹyẹ bá fò ó, kò ju kìlómítà 20 lọ, àmọ́ òkè dí ọ̀nà. Wọ́n wá fi òkúta mọ gọ́tà tó yí òkè náà ká. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 50, síbẹ̀ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kò fi mítà 20 ga ju ibi tó parí sí lọ.

Nígbà tí wọ́n dé odò Gádọ́ọ̀nù, ilẹ̀ já wọlẹ̀ lójijì. Omi inú gọ́tà tó bá sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀ kò ní lè gun òdìkejì mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ afárá alájà mẹ́ta, tó ga tó mítà 49, tí omi ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ tẹ Pont du Gard sórí fóònù yín, ẹ ó rí i. Ó ṣì wà ní ìdúró.

Wọ́n dọ́gbọ́n kan síbẹ̀. Ṣáájú afárá, wọ́n jẹ́ kí gọ́tà náà rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, ó tó sẹ̀ǹtímítà 67 nínú kìlómítà kan. Èyí ló jẹ́ kí afárá fi mítà 6 kúrú sí bó ṣe yẹ kó ga. Àmọ́ lẹ́yìn afárá, wọn ò rí ju bíi sẹ̀ǹtímítà 19 lò mọ́ nínú kìlómítà kan. Lórí afárá gan-an, láti ìpẹ̀kun kan sí èkejì, sẹ̀ǹtímítà 2.5 péré ló fi rẹlẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe wọn ìyẹn? Wọ́n ní tábìlì gígùn kan, bíi mítà 6, tí wọ́n so okùn tó ní nǹkan wúwo nídìí mọ́. Tí atẹ́gùn bá ń mi okùn, wọ́n á da omi sí ihò tóóró tó wà lórí tábìlì náà. Ìlànà kan náà ni birikilà wa ń lò tó bá rọ omi sínú rọ́bà láti mọ̀ bóyá ògiri méjì dọ́gba: omi tó dúró jẹ́ kì í parọ́.

Tí gọ́tà bá dà gẹ̀rẹ́ jù, omi á máa há ara rẹ̀ jẹ. Tí kò bá dà tó, omi á lọ́ra, ìdọ̀tí á sì jókòó. Ti Níìmù tún ní wàhálà tiẹ̀: omi náà ní ẹfun nínú, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọn ò há a mọ́, ẹfun náà nípọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mítà ní ibòmíràn. Gọ́tà di tóóró, omi sì ń dín kù. Títí dòní, ẹ lè rí ẹfun yẹn lára ògiri rẹ̀.