Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Pín Èsì Ìpolówó Láti Mọ Ibi Tó Ti Ń Kùnà

Ẹnu kò kò lórí ibi tí pípín èsì ìpolówó ọjà sí ìsọ̀rí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Google ló dá a sílẹ̀, àwọn ará ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Nielsen ni, àwọn mìíràn sì ń tọ́ka sí Facebook. Mo kó ohun tó fọ́n káàkiri jọ síbí, kí ẹni tó ń fowó ara rẹ̀ polówó lè rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn gan-an.

Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́ta yìí tó dá a sílẹ̀. Àwọn tó ń tajà nípa lẹ́tà ní Amẹ́ríkà ní ìparí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń ṣe é ṣáájú. Bí oníṣòwò kan bá gbé ìpolówó kan náà sínú ìwé ìròyìn méjì, yóò fi àmì ọ̀tọ̀ sínú àdírẹ́ẹ̀sì tí òǹkàwé máa kọ lẹ́tà sí: nínú ọ̀kan, “Yàrá 12”, nínú èkejì, “Yàrá 14”. Kò sí yàrá kankan níbẹ̀. Àmì tó bá wà lára lẹ́tà ló ń sọ ìwé ìròyìn tí oníbàárà ti rí ọjà náà, nígbà tó sì jẹ́ pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé ìròyìn tirẹ̀, àmì yẹn tún ń sọ ìlú. Oníṣòwò á wá fi iye oníbàárà pín owó tó ná lórí ìwé ìròyìn kọ̀ọ̀kan, á sì yọ èyí tó ń jẹ owó lásán kúrò. Claude Hopkins ṣàlàyé ọgbọ́n yìí nínú ìwé rẹ̀ *Scientific Advertising* lọ́dún 1923, John Caples sì tún un ṣe ní 1932 nínú *Tested Advertising Methods*. Ìdí tí mo fi gbé oyè olùdásílẹ̀ fún àwọn tó ń tajà nípa lẹ́tà ni pé wọ́n ní nǹkan méjì tí ìpínsísọ̀rí kò lè ṣe láìsí wọn, èyíinì ni owó tí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan jẹ, àti iye ènìyàn tó ra ọjà láti inú rẹ̀.

Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n mú ọjọ́ orí wọlé. Nielsen bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn olùgbọ́ rédíò káàkiri Amẹ́ríkà lọ́dún 1942, ó sì bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní 1950. Wọ́n ti jiyàn títí lórí ẹni tó kọ́kọ́ yan ọjọ́ orí 18 sí 49 gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀rí tó níye lórí jù. Iyàn náà kò tó ohun tí à ń fi àkókò ṣòfò lé lórí, torí iye ẹni tó wòran ni wọ́n ń kà, kì í ṣe iye ẹni tó rajà. Kóòdù ìfìwéránṣẹ́ tí Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1963 sì jẹ́ kí wọ́n lè fi àdúgbò pín àwọn oníbàárà.

Ìpolówó alápòótí àkọ́kọ́ tó lókìkí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì jáde lórí HotWired ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1994. Google gbé AdWords jáde ní 2000. Ṣùgbọ́n ìgbà tí fóònù ńlá gbòde ni ọ̀rọ̀ ìpínsísọ̀rí di ìjà. Ṣáájú 2013, olùpolówó lè ya ìpolówó orí fóònù, ti tábúlẹ́ẹ̀tì àti ti kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀, kí ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2013 Google kéde ètò Enhanced Campaigns, nígbà tó fi di oṣù keje wọ́n ti kó gbogbo ènìyàn bọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n da tábúlẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Ti fóònù nìkan ni a lè fi kún tàbí kí a dín kù. Ìyẹn ni pé olùpolówó ń rí i nínú àkọsílẹ̀ pé tábúlẹ́ẹ̀tì ń jẹ òun lówó, kò sì rí i dín kù.

Àlàyé Google ni pé ènìyàn kan náà ń lo ẹ̀rọ méjì mẹ́ta lójúmọ́, nítorí náà kò yẹ kí a máa yà wọ́n. Mo rò pé apá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ òtítọ́: ẹni tó fi fóònù wo ọjà láàárọ̀, tó wá fi kọ̀ǹpútà rà á lálẹ́, kọ̀ǹpútà ni yóò gba ìyìn, fóònù ni yóò gba ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ìdí láti gba ìjánu tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tó ń sanwó. Ní 2016 Google fúnra rẹ̀ dá ìjánu ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, èmi sì kà á sí pé àwọn olùpolówó ló jàre. Ọdún yẹn náà ni ìsọ̀rí ọjọ́ orí dé orí ìpolówó inú ìwákiri: mẹ́fà láti 18–24 títí dé 65 sókè, àti èkeje fún àwọn tí Google kò mọ ọjọ́ orí wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ká ní oníbàtà kan ní Ìbàdàn ná 300,000 náírà, ó sì rí oníbàárà 150. 2,000 náírà ni oníbàárà kan ná an. Ó pín in sí ẹ̀rọ: fóònù jẹ 200,000, ó mú 80 wá, ìyẹn 2,500 lórí ẹnì kan; kọ̀ǹpútà jẹ 100,000, ó mú 70 wá, nǹkan bí 1,430. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á dín owó fóònù kù níbí yìí, wọn á sì pàdánù. Nígbà tó fi ọjọ́ orí pín ti fóònù, ó rí i pé àwọn ọmọ ọdún 18 sí 24 jẹ 80,000 fún oníbàárà 10 péré, tí àwọn yòókù jẹ 120,000 fún 70. Fóònù kọ́ ló kùnà. Àwọn ọ̀dọ́ náà kọ́, torí àwọn tó lo kọ̀ǹpútà nínú wọn ń rà dáadáa. Ó tún fi ibùgbé pín àwọn ọ̀dọ́ orí fóònù: Ọ̀yọ́ àti Èkó jẹ 30,000 fún oníbàárà 8, ìpínlẹ̀ yòókù jẹ 50,000 fún 2. Ó wá ṣí ojú ìwé ìtajà rẹ̀ lórí fóònù. Lórí kọ̀ǹpútà, owó ìfọjàránṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ọjà. Lórí fóònù, kì í hàn títí wọn yóò fi dé ibi ìsanwó. Sálúbàtà olówó pọ́ọ́kú ni àwọn ọ̀dọ́ ń rà, owó ìfọjàránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye sálúbàtà náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá.

Bí 2,000 náírà bá ń mú ẹnì kan wá, oníbàárà 2 níbi tó yẹ kí 50,000 mú 25 wá kì í ṣe èèṣì. Ṣùgbọ́n ìsọ̀rí tó jẹ 6,000 láìrí ẹnì kankan ń kọ́? Mẹ́ta ni a retí níbẹ̀, èèṣì lásán sì lè sọ mẹ́ta di òdo ní nǹkan bí ìgbà márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ mẹ́ta lọ́nà ìsọ̀rí ọjọ́ orí méje jẹ́ 21. Bí gbogbo wọn bá kéré bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ṣófo láìṣe ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí a pa ìsọ̀rí tí owó rẹ̀ kò tíì pọ̀ tó. Ibùgbé náà ní ìṣòro tirẹ̀ ní Nàìjíríà: bó bá jẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, ẹni tó wà ní Òṣogbo lè hàn bí ará Èkó, torí ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ fóònù gbé dátà rẹ̀ gbà.

Láti 2016, ilẹ̀kùn ìpínsísọ̀rí ń tì díẹ̀díẹ̀. Ní 2019 Facebook gbà láti má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ orí tàbí kóòdù ìfìwéránṣẹ́ yan ẹni tó máa rí ìpolówó ilé, iṣẹ́ àti ẹ̀yáwó ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021 Apple fi iOS 14.5 fún onífóònù láṣẹ láti kọ̀ kí wọ́n máa tọpa òun, Facebook sì dẹ́kun nígbà náà fífi ọjọ́ orí àti ibùgbé pín àwọn tó rajà lórí ìkànnì olùpolówó. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń polówó, ẹ máa bi oníbàárà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ àti ìsọ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tó bá ń rajà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé tiyín.