Ìpàdé tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí ó tó mọ eré tí yóò gbá

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1863, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan péjọ sí ilé àrójẹ kan tí wọ́n ń pè ní Freemasons' Tavern, ní òpópónà Great Queen ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Aṣojú àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àti ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìlú náà àti ní agbègbè rẹ̀ ni wọ́n. Agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Ebenezer Cobb Morley, balógun ẹgbẹ́ Barnes, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tí wọ́n ṣe sínú ìwé kan, ìwé náà sì wà títí di òní. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní alẹ́ náà ni gbogbo ayé mọ̀ sí FA, ìyẹn àjọ tí ń darí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí ó yani lẹ́nu nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé yìí ni bí nǹkan ṣe tẹ̀léra wọn. Àwọn tí ó péjọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n yan olóyè, wọ́n sì bu owó ẹgbẹ́ lé ara wọn. Nígbà tí wọ́n sì dìde kúrò níbẹ̀, kò tíì sí ìpinnu kankan lórí bí eré náà gan-an yóò ṣe rí. Ibẹ̀ ni ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàárín oṣù méjì sí ìgbà náà ti ṣẹ̀ wá.

Ní ayé ìgbà náà, orúkọ ni bọ́ọ̀lù jẹ́, kì í ṣe eré kan ṣoṣo. Bí wọ́n ṣe ń gbá a ní ilé-ẹ̀kọ́ Eton kọ́ ni wọ́n ṣe ń gbá a ní Harrow. Ní ilé-ẹ̀kọ́ Rugby, ẹni tí ó bá gba bọ́ọ̀lù mú lè fi ọwọ́ gbé e sá, alátakò rẹ̀ sì lè fi bàtà gbá a ní ojúgun kí ó lè ṣubú. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí bá dàgbà, tí wọ́n sì pàdé lórí pápá ní Lọ́ńdọ̀nù, àríyànjiyàn ni wọn yóò kọ́kọ́ gbá kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù. Morley rí i pé eré kíríkẹ́ẹ̀tì ní ẹgbẹ́ tí ń ṣe òfin fún un. Ó kọ̀wé sí ìwé ìròyìn eré ìdárayá tí ń jẹ́ Bell's Life pé kí bọ́ọ̀lù náà ní tirẹ̀. Láti inú ìwé yẹn ni ìpàdé ti jáde.

Arthur Pember ni wọ́n fi ṣe alága. Ẹgbẹ́ kan ní Kilburn tí ó ń pe ara rẹ̀ ní Aláìlórúkọ ni ó rán an wá, ó sì jọni lójú pé láti inú ẹgbẹ́ tí kò ní orúkọ ni ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kárí ayé ti rí alága àkọ́kọ́. Àwọn aṣojú láti Barnes, Blackheath, Crystal Palace, Surbiton, Forest ní Leytonstone, àti ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ogun wà níjòókòó pẹ̀lú àwọn mìíràn. Morley dá àbá pé ó yẹ kí wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò fìdí òfin kan múlẹ̀ fún eré bọ́ọ̀lù.

Kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Hartshorne, balógun ilé-ẹ̀kọ́ Charterhouse, dìde. Kò tako àbá náà. Ó kan sọ pé òun kò lè fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ òun sílẹ̀ àfi bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá yòókù bá kọ́kọ́ fi tiwọn sílẹ̀. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: Hartshorne ti rí i pé ẹni tí ó bá wọ ẹgbẹ́ kí òfin tó wà ti fọwọ́ sí ohun tí kò tíì kà. Ẹgbẹ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ 11 ni ó wọlé ní alẹ́ ọjọ́ náà láìsí Charterhouse. Ó yẹ kí a yin àkọsílẹ̀ náà nítorí pé ó pa ọ̀rọ̀ Hartshorne mọ́. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ni ìbá fò ó, tí yóò sì kọ ọ́ pé gbogbo ilé fi ohùn ṣọ̀kan.

Wọ́n wá yan olóyè. Pember di ààrẹ, Morley di akọ̀wé, Francis Maule Campbell láti Blackheath sì di akápò. Owó ẹgbẹ́ ọdọọdún jẹ́ gíní kan, ìyẹn ṣílè 21. Yíyàn tí wọ́n yan Campbell yẹ fún àkíyèsí. Eré tí ó fara jọ ti Rugby ni wọ́n ń gbá ní Blackheath, bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, bàtà lójúgun. Ẹni tí ó ń gbá eré kan wá wà nídìí àpò owó, ẹni tí ó ń gbá òmíràn sì wà nídìí kálàmù. Bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí apá méjèèjì lè jókòó pọ̀ ni, bóyá kò sì sí ẹni tí ó rò ó dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ 15, ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, wọ́n tún péjọ láti fi ọwọ́ sí ìwé òfin ẹgbẹ́. Ìwé kúkúrú ni. Ó sọ orúkọ ẹgbẹ́ àti iye owó rẹ̀. Ó fi ìgbìmọ̀ lélẹ̀, àwọn olóyè mẹ́ta àti ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin mìíràn. Ó fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní láti rán aṣojú méjì wá sí ìpàdé. Ó sì fi ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún sí ìparí oṣù Kẹsàn-án: níbẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè yí òfin padà, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ìyípadà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí akọ̀wé kí ọjọ́ tó pé.

Ààbò dáadáa ni èyí, ṣùgbọ́n òfin tí ó ti dúró ni ó wà fún. Òfin eré náà kò tíì dúró. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń kọ ọ́, ìpàdé èyíkéyìí lè fi ìbò fa ọ̀rọ̀ kan yọ lónìí, kí òmíràn sì fi í padà lọ́la, láìsí ìkìlọ̀ fún ẹni tí kò wá. Àlàfo kékeré tí ẹnikẹ́ni kò kà sí nìyí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbà wọlé.

Morley kọ̀wé sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá. Èsì wọn kò móríyá. Harrow sọ gbangba pé òfin àwọn tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ìpàdé sì ń lọ. Nígbà tí ó di àárín oṣù Kọkànlá, ẹgbẹ́ ti fẹnu kò lórí àwọn kókó eré, Morley sì ti kó wọn jọ sí abala 23. Abala kẹsàn-án gbà kí agbábọ́ọ̀lù tí ó bá gba bọ́ọ̀lù láti òfuurufú, tàbí lẹ́yìn ìfòsókè kan, gbé e sá lọ sí ibi àmì ayò àwọn alátakò. Abala kẹwàá gbà kí wọ́n dì í mú, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ, kí wọ́n sì gbá a ní ojúgun nígbà tí ó bá ń sá. Gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti rí nígbà yẹn, eré Campbell ni ó borí.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí ni òfin tí àwọn ọmọ yunifásítì Cambridge ṣe jáde nínú ìwé ìròyìn. Òfin yẹn kò gba gbígbé bọ́ọ̀lù sá, kò sì gba gbígbá ojúgun. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n fi parí iṣẹ́, ọ̀rọ̀ Cambridge gba àárín ìpàdé. Àwọn kan fẹ́ kí ilé sọ pé òun ni ó dára jù lọ fún ẹgbẹ́. Campbell ní kí wọ́n kàn sọ pé ó yẹ fún àyẹ̀wò. Ẹni tí kò bá ti rí bí ìpàdé ṣe ń rí yóò rò pé àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ lásán ni, bẹ́ẹ̀ ìwé òfin odindi ni ó so mọ́ gbólóhùn kan yẹn.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ni ọ̀rọ̀ bẹ́. Morley dúró pé kí wọ́n yọ abala kẹsàn-án àti ìkẹwàá kúrò. Àlàyé rẹ̀ jẹ́ ti àgbàlagbà: bí gbígbá ojúgun bá wà nínú òfin, ẹni tí ó ní iṣẹ́ láti ṣe lọ́jọ́ kejì kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni eré yóò kù fún. Campbell dáhùn pé bí wọ́n bá yọ ọ́, ìgboyà ti kúrò nínú eré náà nìyẹn. Ó ní òun lè kó àwọn ará Faransé wá tí yóò lù wọ́n lẹ́yìn ìgbáradì ọ̀sẹ̀ kan. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún ìpàdé síwájú di ìgbà ìsinmi, kí aṣojú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lè wá dìbò. Ilé kò gbà. Ìbò 13 wà lọ́wọ́ apá Morley, mẹ́rin lọ́wọ́ apá Campbell. Wọ́n sì yọ abala méjèèjì kúrò.

Ṣé ìrẹ́jẹ ni? Kò sí ìlà kan nínú ìwé òfin ẹgbẹ́ tí Morley rú. Ààrẹ jókòó, wọ́n dá àbá, wọ́n ka ìbò. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ Campbell náà kò ṣófo: ohun tí àwọn kan ti fi ọwọ́ sí nígbà tí ilé kún ni àwọn mìíràn pa rẹ́ nígbà tí ilé dá. Bí ó bá jẹ́ pé ìpàdé ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ti fi ìlà kan kún un pé ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú ìyípadà nínú ohun tí ilé bá ti fọwọ́ sí, ìbá ti nira fún Morley láti ṣe é ní alẹ́ kan. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí a mọ̀ lónìí ìbá sì yàtọ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, ní ìpàdé kẹfà, wọ́n fi ọwọ́ sí òfin 13. Ní ìpàdé yìí náà ni Campbell, akápò tí wọ́n yàn ní alẹ́ àkọ́kọ́, sọ pé Blackheath fà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 19, Barnes fi òfin tuntun náà gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Richmond, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ ayò.

Blackheath lọ ń gbá eré tirẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1871, òun àti àwọn ẹgbẹ́ 20 mìíràn péjọ sí ilé àrójẹ mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù láti dá ẹgbẹ́ rọ́gbì sílẹ̀. Àwọn náà yan ààrẹ àti akọ̀wé. Nígbà tí òfin eré wọn jáde ní ọdún náà, ó ka gbígbá ẹni ní ojúgun léèwọ̀.