Markdown, CSV àti ìlà lásán: bí a ṣe ń kọ táìmùtébù inú fọ́tò sílẹ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà kọ ohun tí kọ̀ǹpútà bá kà nínú fọ́tò táìmùtébù kíláàsì sílẹ̀, kò sì sí èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí fọ́tò nínú wọn. CSV, tí kọ́mà ti ń pààlà sáàárín ohun kan àti èkejì, ti wà lára ohun tí ètò Fortran ti ilé-iṣẹ́ IBM lè kà láti 1972, ṣùgbọ́n ọdún 2005 ni ìwé RFC 4180 tó to ìlànà rẹ̀ jọ tó jáde. Ìlà lásán, níbi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti dá dúró pẹ̀lú ìtumọ̀ tirẹ̀, jẹ́ àṣà àwọn tó ṣe Unix ní Bell Labs, nítorí irinṣẹ́ wọn, bíi `grep`, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn ló ń kà. Markdown ló kéré jù lọ́jọ́ orí: John Gruber gbé e jáde ní 2004 fún ìkọ̀wé tó rọrùn láti kà, kò sì ní àtẹ rárá, títí PHP Markdown Extra ti Michel Fortin fi fi àtẹ tí àmì `|` ń pín kún un.

Ìtàn yìí ló fà á tí àpótí tó gba àkókò méjì fi ń da iṣẹ́ rú, nítorí pé CSV àti àtẹ Markdown tí a mọ̀ jù kò ní ọ̀nà láti so àpótí méjì pọ̀. Bí Ìṣirò bá gba 8:00 àti 8:40 lọ́jọ́ Ajé nínú fọ́tò, tí a sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tí a ó rí nìyí:

```
Ọjọ́,8:00,8:40,9:20,10:00
Ajé,Ìṣirò,Gẹ̀ẹ́sì,Físíìsì
```

Gẹ̀ẹ́sì ti 9:20 ti sún wá sí 8:40, Físíìsì sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ka kọ́mà yóò rí i pé mẹ́rin wà lókè, mẹ́ta sì wà nísàlẹ̀, nítorí náà àṣìṣe náà kò sá pamọ́. Nínú Markdown ti GitHub, ìlànà fúnra rẹ̀ ní kí a fi àpótí òfìfo dí ìlà tí kò pé, àtẹ náà yóò sì jáde ní mímọ́ tónítóní, èyí tó léwu jù lọ. Ìlà lásán kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀:

```
Ajé 8:00-9:20 Ìṣirò
Ajé 9:20-10:00 Gẹ̀ẹ́sì
Ajé 10:00-10:40 Físíìsì
```

Níhìn-ín, ìparí iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ bá ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e mu, bí àlàfo bá sì wà láàárín, ohun kan ti bọ́ sílẹ̀, tàbí ìsinmi ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ọjọ́ márùn-ún tó ní iṣẹ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ yóò di ogójì ìlà, ojú kò sì ní lè rí ọ̀sẹ̀ náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà, ìlà lásán ló yẹ kí a kọ́kọ́ kọ, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú fọ́tò, kí a tó yí i padà sí CSV fún Excel, níbi tí a ó ti kọ Ìṣirò sí àpótí méjèèjì. Markdown ni kí a fi sílẹ̀ fún ẹ̀dà tí àwọn ọmọ kíláàsì yóò kà.