Ìwúkùn Màlúù àti Ewúrẹ́: Bí A Ṣe Lè Mọ Oríṣi Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Lè Gba Ẹran Là

Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní Agbamu àti àwọn ìlú ìtòsí rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, tí ewé tútù sì pọ̀ lóko, ó yẹ kí àwọn olóhun-ọ̀sìn máa ṣọ́ ìwúkùn. Oúnjẹ a máa kan nínú ṣàkì ẹran bí ògì ti ń kan, a sì máa mú afẹ́fẹ́ wá. Gígùfẹ̀ ni ẹran fi ń lé e jáde. Bí kò bá lè gùfẹ̀, ṣàkì yóò wú, yóò sì há ẹ̀dọ̀fóró mọ́, ẹran náà sì lè kú láàárín wákàtí díẹ̀.

Oríṣi méjì ni ìwúkùn. Nínú ti afẹ́fẹ́ lásán, afẹ́fẹ́ kóra jọ sókè ṣàkì, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ dí: bóyá kóró máńgòrò tàbí ègé iṣu há sí ọ̀fun, tàbí a di ẹran lẹ́sẹ̀ tí a sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ pẹ́ jù. Nínú ti ìfófó, oúnjẹ bí ewé ẹ̀wà tútù ti sọ afẹ́fẹ́ di ìfófó bíi ti ọṣẹ, kò sì ṣeé gùfẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ òsì ni méjèèjì ti ń wú, a sì máa dún bí ìlù bí a bá gbá a. Páìpù rọ́bà ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn.

Ẹ jẹ́ kí á mú ewúrẹ́ kan tí ó já wọ oko ẹ̀wà ní àárọ̀. Ẹ mú un dúró, kí iwájú rẹ̀ ga ju ẹ̀yìn lọ. Ẹ fi igi oníhò sí i lẹ́nu kí ó má baà gé páìpù jẹ, kí ẹ sì rọra ti páìpù tí ó dán, tí a fi epo pa, gba ọ̀fun lọ sínú ṣàkì. Bí ó bá ń wúkọ́, tí èémí sì ń bá páìpù jáde, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ wà. Ẹ fà á jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá tú jáde tí ikùn sì fà, ti afẹ́fẹ́ lásán ni. Bí ó bá jẹ́ ìfófó díẹ̀ ni ó jáde, ẹ da epo ẹ̀pà mílílítà 50 sí 100 gba inú páìpù náà. Ti màlúù jẹ́ 250 sí 500. Epo náà yóò fọ́ ìfófó. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un rìn.

Bí páìpù bá dúró lọ́nà, nǹkan ló há. Ẹ má fi agbára tì í, ẹ má sì da epo sí i lẹ́nu, nítorí ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ pe dókítà ẹranko.

Bí ẹran bá ti ń ṣubú, tí ahọ́n rẹ̀ yọ síta, lílu ẹ̀gbẹ́ òsì ni ó kù. Dókítà ni ó yẹ kí ó ṣe é, láàárín egungun ìhà ìkẹyìn àti egungun ìbàdí. Irin oníhò tóóró kò sì ní ran ti ìfófó lọ́wọ́, nítorí ìfófó yóò dí i. Ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀, tàbí kí a da epo gba inú rẹ̀.

Kí ẹ tó tú ẹran sí ewé ẹ̀wà tútù, ẹ kọ́kọ́ fún un ní koríko gbígbẹ jẹ.