Agogo tó dún nígbà tí náírà ṣubú: ìtàn àwọn tó ń ṣọ́ iye pọ́n-ùn kí wọ́n tó fowó ránṣẹ́ sílé

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 2023, fóònù àbúrò mi obìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù dún lẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ṣètò rẹ̀ sórí fóònù náà pé kí ó ta òun lólobó lọ́jọ́ tí pọ́n-ùn kan bá ti ré kọjá 700 náírà. Ó ti ṣe ètò yìí tipẹ́, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pa oríṣiríṣi ojú ọjà tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè pọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ní kí olùrà àti olùtà máa fohùn ṣọ̀kan lórí iye. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí 471 náírà ní ọjọ́ tó ṣáájú di 664 náírà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àbúrò mi fowó ránṣẹ́ sí ìyá wa ní Ìbàdàn kíákíá, ó sì pè é láti fún un ní ìròyìn ayọ̀. Màmá dúpẹ́, wọ́n sì súre. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ pé, "Ọmọ mi, owó náà pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ ọjà ti mọ̀ ṣáájú mi." Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí lítà kan sì fò sókè sí nǹkan bí 500 náírà. Ọ̀rọ̀ Màmá yìí ni mo fẹ́ kí á fi yẹ ìtàn náà wò: kí ni ẹni tó wà lókè òkun ń dúró dè nígbà tó bá ní kí ẹ̀rọ ta òun lólobó pé iye owó ti dára?

Àsìkò kan wà tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ ṣọ́. Nígbà tí náírà kọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1973, náírà méjì ni wọ́n fi rọ́pò pọ́n-ùn Nàìjíríà kan. Ìjọba ló ń sọ iye tí wọn yóò fi ṣẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè, iye náà kì í sì í yí padà bí afẹ́fẹ́. Ọmọ tó ń kàwé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Ọba lè fowó ránṣẹ́ lónìí tàbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyàtọ̀ tó máa wà níbẹ̀ kò tó ohun tí à ń rò. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1986 ni èyí yí padà, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ṣí ọjà tuntun tí wọ́n ti ń fi owó ilẹ̀ òkèèrè ṣe gbàǹjo. Dọ́là tí kò tó náírà méjì tẹ́lẹ̀ di ohun tó ju náírà mẹ́rin lọ. Láti ìgbà náà ni ọjọ́ tí èèyàn fowó ránṣẹ́ ti di ọ̀rọ̀ ìpinnu.

Kí fóònù tó di ọlọ́gbọ́n, ènìyàn ni olùtanilólobó. Ẹni tó wà lókè òkun á pe ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ kan ní Èkó, onítọ̀hún á sì béèrè lọ́wọ́ àwọn àbókí tó ń ṣẹ́ owó lẹ́bàá títì pé èló ni wọ́n ń rà á lónìí. Nígbà tó yá, abokiFX bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iye náà jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn sì ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2021, Godwin Emefiele tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà fẹ̀sùn kàn án pé iṣẹ́ tí kò bófin mu ló ń ṣe. Ni abokiFX bá dá ìròyìn iye náà dúró.

Ìdí tí àwọn èèyàn fi ń wá ìròyìn àwọn àbókí ni pé iye méjì ló wà. Iye ti ìjọba ni ẹ̀rọ ìtanilólobó ń gbọ́, iye ti ẹ̀bá títì ni ìyá wa ń ná. Ìyàtọ̀ yìí tún hàn gbangba lẹ́yìn òpin oṣù kọkànlá, ọdún 2020, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé dọ́là gan-an ni kí wọ́n máa san fún ẹni tí wọ́n fowó ránṣẹ́ sí. Láti oṣù kẹta, ọdún 2021, wọ́n tún ń fi náírà márùn-ún kún dọ́là kọ̀ọ̀kan kí àwọn èèyàn lè gba ọ̀nà tó bófin mu. Nígbà náà, bí fóònù àbúrò mi bá dún ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí Màmá yóò rí gbà nígbà tí wọ́n bá gbé dọ́là wọn lọ ṣẹ́.

Oṣù keje, ọdún 2023 ni wọ́n tún fàyè gbà á pé kí ẹni tó bá fẹ́ gba náírà. Síbẹ̀, wọ́n ṣì fi ìlà yí iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ afowóránṣẹ́ lè sọ ká: kò gbọdọ̀ fi ju ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ iye tí ọjà fi parí ní ọjọ́ tó ṣáájú. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kìíní, ọdún 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ pa ìlà náà rẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè dá iye tirẹ̀ sọ. Ìtanilólobó tó ń gbọ́ iye gbogbogbòò nìkan kò tún tó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ṣe rí. Iye tí a sábà máa ń rí nígbà tí a bá wá pọ́n-ùn sí náírà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni èyí tó wà láàárín iye tí àwọn olówó ńlá fi ń rà á àti èyí tí wọ́n fi ń tà á. Kò sí ẹni tó ń fún ọmọ nọ́ọ̀sì ní iye yẹn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá lo ìwé ìṣirò Google lè pè é síbẹ̀ báyìí:

```
=GOOGLEFINANCE("CURRENCY:GBPNGN")
```

Ìyẹn wúlò láti mọ ibi tí ọjà dorí kọ. Ṣùgbọ́n ohun tó máa dé ilé ni a ó rí bí a bá fi iye tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí B1, owó iṣẹ́ sí B2, àti iye tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń san lórí pọ́n-ùn kan sí B3:

```
=(B1-B2)*B3
```

Ká ní ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ ń san 1,910 náírà láìgba owó iṣẹ́, tí èkejì ń san 1,930 ṣùgbọ́n tó ń gba pọ́n-ùn mẹ́ta. Lórí 100 pọ́n-ùn, 191,000 náírà ni ti àkọ́kọ́ máa dé, 187,210 ni ti èkejì. Lórí 500 pọ́n-ùn, ọ̀rọ̀ yí padà: 955,000 ni ti àkọ́kọ́, 959,210 ni ti èkejì. Iye tó ga jù kọ́ ló máa ń gbé owó tó pọ̀ jù délé. Nítorí náà, inú áàpù ilé-iṣẹ́ tí èèyàn máa lò gan-an ló yẹ kó ti ṣètò ìtanilólobó, bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó pọ̀ jù kì í wá láti ibi tí a gbé agogo sí. Nọ́ńbà tí a ní kó dún sí ló máa ń fà á. Ní ìparí oṣù kejì, ọdún 2024, dọ́là kan sún mọ́ 1,600 náírà. Àbúrò mi ní 500 pọ́n-ùn nílẹ̀ fún páànù ilé Màmá, nítorí páànù àtijọ́ ti ń jò, òjò sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Káfíńtà ti ṣírò rẹ̀ pé 950,000 náírà ni gbogbo rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, ilé-iṣẹ́ tí àbúrò mi ń lò ń san ju 1,900 lọ lórí pọ́n-ùn. Ó wo bí ó ṣe ń gòkè, ó sì ní kí fóònù pe òun nígbà tó bá di 2,200.

Fóònù kò pè é. Náírà bẹ̀rẹ̀ sí í lágbára, nígbà tó sì fi máa di àárín oṣù kẹrin, dọ́là kan ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,150 náírà. Pọ́n-ùn náà bá a wálẹ̀, ó wá lé díẹ̀ ní 1,400. Owó tí ì bá ra gbogbo páànù di nǹkan bí 700,000 náírà. Iye páànù lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò kò sì bá dọ́là wálẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ bá Màmá nínú yàrá tí wọ́n fi ike gbe omi sí. Kí oṣù karùn-ún tó parí, dọ́là tún ti ju 1,400 lọ, ṣùgbọ́n òjò kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Bí a bá pín 950,000 sí 500, 1,900 ni. Nọ́ńbà yẹn ló yẹ kí àbúrò mi fún fóònù, ọjà sì ti dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tí ó ń ṣètò rẹ̀. Ohun tí ilé nílò ló yẹ kó dá nọ́ńbà náà, kì í ṣe bí ọjà ṣe ga tó lánàá. Agogo kejì náà tún yẹ kó wà nísàlẹ̀, ká ní 1,850, tí yóò sọ pé iye ti ń sá lọ, nítorí agogo tó ń wo òkè nìkan kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan bá ń bàjẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni àbúrò mi kà sí pé kò tíì tó àkókò. Lẹ́yìn náà ni gbèdéke: ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ lọ, bí agogo dún, bí kò dún. Fún páànù, ọjọ́ náà ni ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú òjò.

Èyí gbé wa padà sí ọ̀rọ̀ Màmá. Ohun tí ìtanilólobó ń pè ní ire fún ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ ni àìlera náírà. Ní oṣù kẹfà, ọdún 2024, àjọ tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ ajé ilẹ̀ wa ní ọ̀wọ́n gógó ọjà fi ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, ti oúnjẹ sì lé ní ìdá 40. Ìlọ́po náírà tó dé Ìbàdàn kò bá ọ̀pọ̀ ìrẹsì lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ agogo náà ní Lọ́ńdọ̀nù, kó kọ́kọ́ pe ilé kó béèrè èló ni ohun tí wọ́n fẹ́ rà báyìí, kó tó mọ̀ bóyá iye náà dára.

Àbúrò mi ti yí ètò rẹ̀ padà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó béèrè iye tí ìyókù páànù náà jẹ́ lọ́wọ́ Màmá, ó pín in sí iye pọ́n-ùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi èsì rẹ̀ sí fóònù. Lọ́jọ́ kejì ló dún.