Kámà Kì í Ṣe Ẹ̀san

Tí wọ́n bá jí fóònù ẹni tó máa ń jí tẹlòmíì ní ọgbà wa ní Málétè, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé, "Kámà ti mú un!" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀san là ń sọ yẹn, kì í ṣe kámà. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì la ti gba ọ̀rọ̀ náà, Gẹ̀ẹ́sì sì ti tún un rán kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní èdè Sáńsíkíríìtì ti ilẹ̀ Íńdíà, kámà ò ju "ìṣe" lọ. Lẹ́nu àwọn àlùfáà àtijọ́ tó ń ké Fédà, ètùtù ni ìṣe náà: ṣe é bó ṣe yẹ, èso rẹ̀ á jáde. Nígbà tí Búdà dé, nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn, ó ní èrò ọkàn gan-an ni kámà. Ẹ wò ó báyìí: èèyàn méjì tẹ èèrà pa. Ọ̀kan ò rí i, èkejì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Lójú Búdà, ti èkejì nìkan ni kámà. Àwọn ẹlẹ́sìn Jéìnì ò gbà. Wọ́n ní ti ẹni tí ò rí i náà á lẹ̀ mọ́ ọn lára. Kò sí adájọ́ kankan nídìí ẹ̀ o. Bí irúgbìn ni, ó sì lè jẹ́ ayé mìíì ni yóò ti hù.

Dámà ńkọ́? Ohun tó gbé nǹkan ró ni. Fún àwọn Híńdù, ojúṣe ẹni wà nínú rẹ̀. Fún ẹlẹ́sìn Búdà, ẹ̀kọ́ Búdà ni. Nígbà tí Ọba Aṣókà fín àṣẹ rẹ̀ sára àpáta ní Kandahá, ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú Kírísítì, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ìfọkànsìn ni wọ́n fi rọ́pò dámà. Ìtumọ̀ náà súnkì. Ṣé ẹ rí i, ó ṣẹlẹ̀ sí tiwa náà. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Kúráútà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Èṣù ni wọ́n fi pe Sátánì. Èṣù tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run wá di ọ̀tá Ọlọ́run, ọ̀pọ̀ wa ò sì mọ ìyàtọ̀ mọ́.

Nìfánà ló wá yàtọ̀ jù. Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, ibi ìgbádùn ni, bí ọ̀run àlùjánnà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibì kankan. Kíkú iná ni, bí ìgbà tí fìtílà bá kú. Iná mẹ́ta ni Búdà ní ó ń jó wa: ojúkòkòrò, ìkórìíra àti àìmòye. Ẹni tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kú nínú ẹ̀ ló dé nìfánà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé orí ẹní ló jókòó sí.

Nítorí náà, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín olè tí wọ́n jà lólè, tí inú ẹ̀ ń dùn pé ìyà jẹ ẹ́, iná kejì ló ń koná mọ́ yẹn. Òun gan-an ló ń ṣe kámà.