xG: Ìdí tí gòólù tó yẹ kó wọlé fi ń sọ tọ̀la ju gòólù tó ti wọlé lọ

Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2014, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Borussia Dortmund lọ bá Mainz nílé nínú líìgì ilẹ̀ Jámánì. Àmì ayò 2-0 ni Mainz fi nà wọ́n. Ciro Immobile gba pẹnáritì fún Dortmund, kò wọlé. Matthias Ginter, tó jẹ́ adẹ́yìnmú wọn, tún wá fi bọ́ọ̀lù sílé ara wọn. Ohun tí gbogbo ayé kà lọ́jọ́ kejì ò ju 2-0 yẹn náà lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fìdí rẹmi lọ. Nígbà tí líìgì máa fi sinmi fún Kérésì, Dortmund ti gbá ìdíje 17, póìǹtì 15 péré ni wọ́n ní, ipò 17 ni wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́ 18. Ẹ má gbàgbé pé ẹgbẹ́ yìí kan náà ló gba líìgì ní 2011 àti 2012, tó sì dé àṣekágbá Champions League ní 2013. Ní oṣù Kejì ọdún 2015, Augsburg nà wọ́n nílé ara wọn, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n sì wà. Ẹni tó bá fi àbájáde ìdíje tó ti kọjá sọ àsọtẹ́lẹ̀ nígbà yẹn, ohun tó máa sọ ni pé wọ́n ń já lọ sí líìgì kejì.

Wọn ò já. Nínú ìdíje 17 tó kù, póìǹtì 31 ni wọ́n kó, ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì parí sí ipò keje. Jürgen Klopp náà ni kọ́ọ̀ṣì, àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kí ló wá yí padà? Àwọn tó ń ka nǹkan míì yàtọ̀ sí gòólù sọ pé kò sí ohun tó pọ̀ tó yí padà.

Nǹkan míì yẹn ni wọ́n ń pè ní xG, èyí tẹ́ ẹ máa ń rí lórí fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn ìdíje. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "gòólù tó yẹ kó wọlé". Sam Green, tó ń bá iléeṣẹ́ Opta ṣiṣẹ́, wà lára àwọn tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n ní 2012. Ní 2017 ni BBC bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn nínú ètò Match of the Day.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ò le rárá. Wọ́n kó ọ̀kẹ́ àìmọye bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbá sílé látẹ̀yìnwá jọ sínú kọ̀ǹpútà. Fún bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ibi tí wọ́n ti gbá a, bó ṣe jìnnà sílé tó, bóyá iwájú ilé ni àbí ẹ̀gbẹ́, bóyá ẹsẹ̀ ni àbí orí, àti irú páàsì tó gbé e dé ibẹ̀. Wọ́n wá wo iye tó wọlé nínú irú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé nínú 100 bọ́ọ̀lù irú bẹ́ẹ̀, 10 ló máa ń wọlé, xG bọ́ọ̀lù yẹn ni 0.10. Pẹnáritì sábà máa ń wà ní bíi 0.78, nítorí pé bíi 78 ló máa ń wọlé nínú 100. Èyí tí èèyàn gbá láti ìta àpótí 18, tí adẹ́yìnmú sì wà níwájú rẹ̀, kì í sábà ju 0.03 tàbí 0.04 lọ. Tí wọ́n bá ti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ìdíje kan, iye tó bá jáde ni xG ẹgbẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ẹgbẹ́ A gbá bọ́ọ̀lù 15 sílé, gbogbo rẹ̀ láti òkèèrè, 0.04 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.60. Ẹgbẹ́ B ní tiẹ̀ ò gbá ju mẹ́ta lọ: pẹnáritì kan, 0.78, àti méjì níwájú ilé gan-an, 0.40 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ tiwọn jẹ́ 1.58. Àwọn tó ń pariwo nínú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù á ní A ló kó wọn mọ́lé, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́ta, àbí ẹ ò rí i ni! Irọ́ ni. B ló sún mọ́ gòólù jù.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ó ṣeé ṣe kí B má jẹ gòólù kankan? Ó ṣeé ṣe. Ẹ ìsọdá pẹnáritì yẹn jẹ́ 0.22, ti àwọn méjì tó kù jẹ́ 0.60 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi wọ́n di púpọ̀ ara wọn, ẹ ó rí i pé ó lé díẹ̀ ní 0.079, ìyẹn bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nínú 100. Tí A bá wá gbá ẹyọ kan wọlé lọ́jọ́ yẹn, 1-0 ni wọ́n máa kọ sílẹ̀, ohun tí wọ́n á sì máa rántí títí ayé nìyẹn.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Gòólù ṣọ̀wọ́n. Nínú ìdíje kan, ẹgbẹ́ méjèèjì lè gbá bọ́ọ̀lù bíi 25 sílé, kí méjì tàbí mẹ́ta péré wọlé nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka gòólù nìkan ti da èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ nù. Ohun tó sì ṣọ̀wọ́n, oríire àti oríburúkú máa ń dà á láàmú. Ká ní ẹgbẹ́ méjì dọ́gba pátápátá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣí ilé tó tó gòólù 1.5 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Nínú ìdíje 10, gòólù 15 ló yẹ kí wọ́n ní. Síbẹ̀, kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu kí ọ̀kan ní 19, kí èkejì ní 11, láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ bọ́ọ̀lù ju ẹnikejì lọ. Lórí tábìlì, ọ̀kan á dà bíi pé ó fẹ́ gba ife, wọ́n á sì ti máa béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n máa lé kọ́ọ̀ṣì èkejì.

Nínú ìdíje 10 tó bá tẹ̀ lé e, oríire yẹn kì í bá ẹnikẹ́ni lọ. Kí bọ́ọ̀lù gbá òpó kó wọlé, tàbí kó gbá òpó kó jáde, ẹgbẹ́ kankan ò lè mú un dání lọ sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ máa ń mú dání ni bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù dé iwájú ilé, àti bí wọn ò ṣe ń jẹ́ kí ẹlòmíì débẹ̀. Nǹkan méjèèjì yẹn ni xG ń wọ̀n. Ìdí nìyẹn tó fi ń sọ ohun tó ń bọ̀ ju àmì ayò lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Dortmund. Nígbà yẹn, iléeṣẹ́ Liverpool ní onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ian Graham, tó gboyè dókítà nínú ìmọ̀ físíìsì. Ó kó gbogbo ìdíje Dortmund sáà yẹn sínú ìṣirò tirẹ̀, ó sì bá a pé ipò kejì ló yẹ kí wọ́n parí sí, kì í ṣe ìkeje. Liverpool gba Klopp ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Graham lọ bá a ní ọ́fíìsì, ó sì mú ọ̀rọ̀ ìdíje Mainz yẹn wá. Klopp bi í bóyá ó wo ìdíje náà, torí pé lójú tirẹ̀, àwọn ló jẹ gàba lé wọn lórí. Graham ò wò ó rárá. Ìwé ìṣirò ló ti rí i.

Ó ń ṣẹlẹ̀ lódìkejì náà. Ní sáà 2017/18, Burnley parí sí ipò keje nínú Premier League pẹ̀lú póìǹtì 54. Gòólù 36 péré ni wọ́n jẹ, 39 ló wọlé wọn. xG àwọn alátakò wọn ju 39 yẹn lọ dáadáa. Àwọn tó ń wo ìṣirò ń sọ pé èyí ò lè pẹ́. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, 68 ló wọlé wọn, póìǹtì 40 ni wọ́n fi parí, ipò 15.

Ṣùgbọ́n Burnley náà ló fi ibi tí xG ti ń kùnà hàn. Ó ti tó ọdún díẹ̀ tí gòólù tó ń wọlé wọn fi ń kéré sí ohun tí ìṣirò sọ, ohun tó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ṣòroó pè ní oríire lásán. Kọ́ọ̀ṣì wọn nígbà yẹn, Sean Dyche, máa ń kó èèyàn jọ bámúbámú sáàárín bọ́ọ̀lù àti ilé. Ìṣirò àkọ́kọ́ ò mọ iye èèyàn tó dúró síwájú ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Ibi tó dúró nìkan ló mọ̀. Àwọn tó wá lẹ́yìn ti ń ka ìyẹn mọ́ ọn, ìdí sì nìyẹn tí iye tí iléeṣẹ́ kan gbé jáde fi lè yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì lórí ìdíje kan náà.

Kò sì mọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù. Lójú rẹ̀, bákan náà ni Lionel Messi àti adẹ́yìnmú tí kì í rí ilé. Bọ́ọ̀lù tó gba iwájú ilé kọjá tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kàn án, òdo ni, bó ti wù kó dẹ́rù bani tó. Ẹgbẹ́ tó bá ti jẹ gòólù méjì lè fà sẹ́yìn, kí alátakò wá máa gbá bọ́ọ̀lù lọ sílé wọn láìsinmi, kí xG alátakò sì wú. Káàdì pupa náà ń ba ìṣirò jẹ́.

Nítorí náà, ẹ má fi xG ìdíje kan ṣoṣo jà níbikíbi. Ẹ wo bíi ìdíje 10. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń ní àti èyí tí wọ́n ń gbà kí wọ́n ní sí wọn, kẹ́ ẹ yọ pẹnáritì kúrò, torí pé pẹnáritì méjì lè gbé iye náà sókè fún ẹgbẹ́ tí kò mọ ọ̀nà ilé. Tí ìyàtọ̀ bá wà láàárín ìyẹn àti gòólù wọn, ẹ bi ara yín bóyá aṣọ́lé ni, àbí atamátàsé kan pàtó, àbí oríire lásán. Tí sáà bá ti ń lọ sópin, gòólù àti xG sábà máa ń sún mọ́ ara wọn. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni ìyàtọ̀ náà ti wúlò jù.

Fún àwa tá a máa ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹ má rò pé ẹ ti rí àṣírí. Àwọn tó ń gba owó tẹ́tẹ́ ti ń lo irú ìṣirò yìí tipẹ́, ó sì ti wà nínú iye tí wọ́n ní àwọn máa san. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹgbẹ́ tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀marùn-ún tẹ̀ léra wọn ni wọ́n ṣì gbé lékè ẹgbẹ́ tó ti jáwé olúborí lẹ́ẹ̀mẹrin, kì í ṣe pé wọ́n ṣàṣìṣe. Ẹ lọ wo xG wọn kẹ́ ẹ tó fi owó oúnjẹ sílẹ̀.